Etí Ọmọ Tó Ń Ṣọyún: Bó Bá Gbẹ Lójijì, Ẹ Wo Ojú Ọmọ Dáadáa

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọmọ ọdún méje lóṣù tó ń bọ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì ni etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣọyún. Á gbẹ, á tún padà. Báyìí ó ti wá ń rùn, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kì í fẹ́ jókòó tì í mọ́. Dókítà kan ti sọ pé ìlù etí náà ti lu. Jẹ́ntà àti kápúsù ni kẹ́mísì wa máa ń fún wa, ìyá ọkọ mi ní àdín ni kí n máa kán sí i, pé tó bá dàgbà á lọ fúnra rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ni mo lè ṣe nílé, kí sì ni kí n bẹ̀rù?" — Ìyá Ayọ̀, Bàríga

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, òórùn yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Ẹ jẹ́ kí jẹ́ntà àti àdín dúró dè wá ná, a óò padà wá bá wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ òórùn.

Ìlù etí ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dí ihò etí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú yàrá náà, ọ̀nà tóóró kan sì so ó mọ́ ẹ̀yìn imú. Lára ọmọdé, ọ̀nà yẹn kúrú, ó sì tẹ́jú, kò dà gẹ́rẹ́ bíi ti àgbàlagbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀fìnkìn fi máa ń gbabẹ̀ wọ etí wọn wẹ́rẹ́. Ọyún á kún yàrá náà, á máa ti ìlù etí títí yóò fi lu. Ọmọ tó ti ń ké láti àṣálẹ́ á dákẹ́ lójijì, bí ilẹ̀ bá mọ́ ìyá rẹ̀ á rí ọyún lórí ìrọ̀rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, awọ náà máa ń dí padà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí kò bá dí, tí omi sì ń jáde níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, òun la ń pè ní etí tó ti di bárakú. Ti Ayọ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Etí bárakú yìí pín sí méjì, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Nínú èyí àkọ́kọ́, àárín ìlù ni ihò náà wà. Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kàn tutù ni, ó sì ń da omi bí imú ọlọ́fìnkìn ṣe ń da. Omi náà máa ń pọ̀, ó máa ń yọ̀, ó máa ń fà bí ilá, á pọ̀ sí i bí ọ̀fìnkìn bá dé tàbí bí omi ìwẹ̀ bá wọ etí, á sì dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọmọ. Ó ń ba ìgbọ́ràn jẹ́, ó ń yọ ọmọ lẹ́nu, àmọ́ kì í sábà jẹ egungun.

Nínú ìkejì, òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ ìlù náà ni ihò wà, awọ tó yẹ kó wà níta sì ti yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo awọ ara ló máa ń pa èèpo dà. Èyí tó wà lára wa, ọṣẹ àti kànìnkànìn á gbé e lọ. Èyí tó há sẹ́yìn ìlù etí kò níbi tó lè gbà jáde, ó ń kó jọ ni, funfun báláú, bíi fùfú tó ti gbẹ. Ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ egungun tó bá wà nítòsí rẹ̀ bó ṣe ń tóbi. Kólẹ́sítíátómà ni àwa oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo mọ ibi tí ọkàn ìyá máa ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn kíkán tàbí oògùn gbígbé mì tó lè yọ ọ́. Omi etí bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Ó lè má ju kí ó kàn ràn mọ́ ìrọ̀rí lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń rùn bí eku tó kú sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á wà nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì sunkún. Òórùn nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ yìí. Etí oríṣi àkọ́kọ́ náà lè rùn bí kòkòrò kan báyìí bá wọ inú rẹ̀, tàbí bí wọn kò bá nù ún fún ìgbà pípẹ́. Mo ti fi fóọ́sẹ́ẹ̀pù yọ òwú kan rí nínú etí ọmọbìnrin kan, òwú náà ti dúdú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti kan. Ìyá rẹ̀ ló fi dí i nígbà tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì. Bí a ṣe yọ ọ́ tán ni òórùn lọ. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ ìyàtọ̀ ni pé kí ẹ nu etí náà dáadáa, kí ẹ lo oògùn kíkán tó yẹ fún ọjọ́ 14 gbáko, bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Bí òórùn àti omi bá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí òórùn bá ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ 14, tàbí tó kàn lọ fún ọjọ́ díẹ̀ tó tún dé, ti ìkejì ni kí a kà á sí títí dókítà etí yóò fi fi ojú ara rẹ̀ wò ó tí yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kẹ́mísì. Kápúsù tí wọ́n ń fún yín, ibi tó yẹ kó dé kọ́ ló ń dé. Àwọn kòkòrò tó máa ń gbé inú etí tó tutù fún ọdún mẹ́rin márùn-ún kì í ṣe àwọn tó mú un nígbà àkọ́kọ́ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rinrin, tí kápúsù bí amọ́kísílìn kì í ràn, ni wọ́n ti gba ibẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ̀jẹ̀ sì lè gbé dé inú yàrá etí náà kéré jọjọ. Oògùn tí a kán sí etí tààrà ló máa ń débẹ̀ ní agbára tó lè pa wọ́n. Nítorí náà, bí Ayọ̀ kò bá ní ibà, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, owó kápúsù yẹn, ẹ fi ra oògùn kíkán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹ́ntà. Jẹ́ntà ń pa kòkòrò lóòótọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìlù etí Ayọ̀ ti lu, oògùn náà lè gba ojú ihò kọjá, kó dé ẹnu fèrèsé kékeré tó wọ inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn irun tín-ín-tìn-ìn tí a fi ń gbọ́ràn wà. Ó lè pa wọ́n, wọn kì í sì í hù mọ́. Oògùn kíkán tó ní nìómáísìn nínú náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fún etí tó lu ni sípúrofúlọ́kísásìn tàbí ọfulọ́kísásìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àkọ́kọ́ ní "sípúrò" lásán. Bí wọ́n bá gbé ìgò tó ní àwòrán ojú lára fún yín, ẹ má bá wọn jà: sípúrò tí wọ́n ṣe fún ojú ṣeé kán sí etí. Èyí tí wọ́n ṣe fún etí nìkan ni kì í gbọdọ̀ dé ojú. Ní ti jẹ́ntà tí ẹ ti kán sẹ́yìn, ẹ má fi í da ara yín láàmú. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n dán ìgbọ́ràn rẹ̀ wò, a óò dé ibẹ̀.

Àdín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń já ní koro. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà ní àdín dára fún ara ọmọ, kò dára fún ẹ̀yìn ìlù etí. Òróró tó bá gba ojú ihò wọlé kì í jáde mọ́, á máa mú eruku, á di ilé fún olú, ìyẹn olú tín-ín-tín bíi ti búrẹ́dì tó bu. Etí á wá máa yún ọmọ lórí èyí tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wàrà ọmú, omi ewé, kẹrosíìnì, gbogbo wọn ẹgbẹ́ kan náà ni.

Bí ẹ óò ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé nìyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé oògùn tí a kán lé ọyún lórí, orí ọyún náà ló máa léfòó sí, kò ní kan awọ rárá. Etí gbọ́dọ̀ gbẹ kí oògùn tó wọ̀ ọ́. Ẹ wá tíṣù tó lágbára, tí kì í já wẹ́wẹ́ nínú omi, tàbí aṣọ òwú funfun tó mọ́. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, ẹ lọ́ ọ bí òwú fìtílà, kí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí Ayọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ lórí itan yín, kí etí ọ̀tún wà lókè. Ẹ fa etí náà sókè díẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ihò rẹ̀ lè tò gbọọrọ, ẹ rọra ki ẹnu òwú náà bọ̀ ọ́ títí tí ẹ óò fi rí i pé ó dúró. Ẹ má tì í. Ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, á máa fa omi sínú bí fìtílà ṣe ń fa epo. Ẹ yọ ọ́, ẹ jù ú nù, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí èyí tó bá jáde yóò fi gbẹ. Ó lè gba mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú sí lórí, ìgbálẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ, ìdérí báírò, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé ọ̀kankan nínú wọn kan etí ọmọ yẹn.

Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ ni oògùn kàn. Ẹ kọ́kọ́ di ìgò náà mú nínú àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lọ́wọ́ọ́wọ́, torí oògùn tútù nínú etí tó lu á mú kí òòyì kọ́ ọmọ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ kán an lọ́jọ́ kejì. Ẹ kán ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹran kékeré kan wà níwájú ihò etí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ bo ihò etí, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi páǹpù fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́, bí ìgbà márùn-ún. Òun ló ń ti oògùn gba ojú ihò kọjá. Bí Ayọ̀ bá sọ pé ẹnu òun ń korò, ẹ bá a yọ̀. Ó túmọ̀ sí pé oògùn náà ti gba inú yàrá etí, ó ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn imú bọ́ sí ọ̀fun. Kó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dìde. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, iye yẹn ni kí ẹ máa kán. Ẹ má ṣe dín ọjọ́ kankan kù nínú ọjọ́ 14 náà nítorí pé ó gbẹ lọ́jọ́ karùn-ún. Ẹ má sì kán an kọjá ìyẹn láì padà sọ́dọ̀ dókítà, torí bí a bá ń pa kòkòrò fún oṣù mẹ́ta gbáko, olú ni yóò gba ipò wọn.

Omi kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi fàsílìn pa òwú, ẹ fi dí ẹnu ihò etí, ẹ sì yọ ọ́ bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán. Etí tó tutù tí a fi òwú dí láti àárọ̀ dalẹ́ á máa hó nínú ni. Kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà tàbí nínú puúlù, bí àwọn ọmọ Bàríga tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé wọn bá tilẹ̀ ń pè é.

Èyí tó kù ni ìbẹ̀rù tí ẹ bi mí léèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣàpèjúwe rẹ̀. Yàrá etí kò dá wà, inú ilé olójúkojú ló wà, irú èyí tó kún Ṣómólú àti Muṣin. Ọpọlọ ló ń gbé òkè rẹ̀, egungun tó wà láàárín wọn sì fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Iṣan tó ń mú ojú àti ẹnu rìn gba inú ògiri yàrá náà gan-an kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun tí ẹ lè fọwọ́ kàn lẹ́yìn etí wà, inú rẹ̀ pín sí ihò kéékèèké bí afárá oyin, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan tó ń ti inú orí bọ̀ sì sùn tì í. Ẹni tí àrùn bá ń jẹ ògiri rẹ̀, aládùúgbò wo ló mọ ọjọ́ tí yóò kan òun?

Mo máa sọ ti ọmọ kan fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọkùnrin, etí ọ̀tún bíi ti Ayọ̀, ó ti ń ṣọyún láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó sì ń rùn. Ọjọ́bọ̀ kan ni etí náà gbẹ. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi nígbà tó yá pé òun dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ ní orí ń fọ́ òun, wọ́n fún un ní parasítámọ́ọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibà dé, òtútù ń mú un. Ẹ̀yin náà mọ Èkó, ibà wo ni a kì í pè ní ibà ẹ̀fọn? Wọ́n ra oògùn ibà. Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yìn etí wú, ó pọ́n, etí náà yọ síwájú bí etí ìkòkò. Ẹnì kan tó ń gún abẹ́rẹ́ ládùúgbò gún un lábẹ́rẹ́ méjì. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń bì láì jẹun, ó sì ń sùn ṣáá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ní kó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan imú ara rẹ̀, kó wá fi kan ìka mi. Ó ṣìnà, ó kan etí ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ òsì kan imú rẹ̀ geere. Nígbà tí a gbé e dúró, apá ọ̀tún ló ń ṣubú sí. Mi ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá etí. A fi oògùn sí i lójú iṣan lójú ẹsẹ̀, a gbé e lọ síbi ẹ̀rọ sìítíì tó ń ya àwòrán inú orí. Ọyún ti dì sínú ọpọlọ ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Kólẹ́sítíátómà ti jẹ egungun débẹ̀.

Ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ ń bi mí léraléra ni pé, "Ṣebí ó ti gbẹ?" Ìyá Ayọ̀, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹ ti rí gọ́tà Bàríga nígbà òjò. Bí gọ́tà bá ń ṣàn, ó ń rùn, ó ń dójú ti ni, ṣùgbọ́n ìta ló ń gbé ẹ̀gbin lọ. Ọjọ́ tí láílọ́ọ̀nù bá dí ẹnu rẹ̀, ojú pópó á gbẹ, inú yàrá ni omi máa wọ̀. Etí ọmọ yẹn kò san, ó dí ni. Ọyún tí kò rí ojú ìta jáde ló wọ inú lọ.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ fa ọyún náà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwa ṣí ẹ̀yìn etí, a ko gbogbo èèpo funfun náà kúrò, egungun tó ti jẹrà, a họ ọ́ nù. Oògùn ojú iṣan gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Etí náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ó sì máa ń mú ọwọ́ ọ̀tún lọ́ra díẹ̀ bó bá ń kọ̀wé. Mo ti rí àwọn tí kò rí ìyẹn gbà.

Nítorí náà, bí etí Ayọ̀ bá gbẹ nítorí pé ẹ nu ún, ẹ kán oògùn, tó sì ń sáré kiri, tó ń jẹun, ìyẹn ìwòsàn ni, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá gbẹ lójijì tí orí ń fọ́ ọ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Bákan náà ni bí ẹ̀yìn etí bá wú, bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ojú kan kò sì lè pa dé, bí òòyì bá ń kọ́ ọ débi pé kò lè dúró, bí ó bá ń bì, bí ọrùn bá le tí kò lè tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ìyẹn jẹ́ àmì yírùnyírùn, bí gìrì bá mú un, tàbí bí oorun rẹ̀ bá ṣàjèjì. Ọ̀kan nínú wọn ti tó. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú gbígbọ̀n, lára ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, ẹ sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún dókítà bí wọ́n tilẹ̀ ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí òpó ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló lè ti dì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, oògùn kíkán kò wúlò, kẹ́mísì kò wúlò. Láti Bàríga, Ìdí-Àràbà ni kí ẹ gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn yunifásítì, tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, níbi tí dókítà etí wà. Nọ́ḿbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112.

Ṣùgbọ́n ti Ayọ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn méjèèjì yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ní ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn aláìsàn etí, imú àti ọ̀fun. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ mú lẹ́tà wá, ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín lè kọ ọ́. Ẹ mú gbogbo ìgò oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tó ṣófo. Ẹ nu etí náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má kán ohunkóhun sí i, torí dókítà fẹ́ rí ìlù náà, kò fẹ́ rí oògùn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan fa ọyún jáde, ó máa ń pariwo bíi kẹ́tùlù tó ń hó, kì í dun ọmọ púpọ̀, ariwo rẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bà á. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lè sọ ibi tí ihò náà wà, ní àárín tàbí ní òkè. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré, síbẹ̀ òun ló máa dáhùn ohun tí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kẹ́mísì kò dáhùn.

Bí ó bá jẹ́ ti àárín, sípúrò àti òwú fìtílà ni, pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀fìnkìn rẹ̀, àti kí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fi igi dáná má ṣe é nínú yàrá tó ń sùn. Bí etí náà bá ti gbẹ fún oṣù mélòó kan, wọ́n lè fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n mú lókè etí rẹ̀ lẹ ihò náà pa. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dúró kó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣe é, kí ọ̀fìnkìn ọmọdé ti dín kù, kí àlẹ̀mọ́ náà má bàa tún já. Bí ó bá jẹ́ ti òkè, wọn kò ní dúró de ọjọ́ orí kankan. Wọ́n á yà á ní síkáànì, wọ́n á sì ṣí i.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n pa. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ọ̀nà tó wà láàárín imú àti etí ń gùn sí i, ó ń dà gẹ́rẹ́, ọ̀fìnkìn ń dín kù, omi etí oríṣi àkọ́kọ́ á sì dín kù lára ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ ìgbà tiwọn nìyẹn. Èyí tí wọn kò rí ni ihò tó ṣì wà níbẹ̀, àti ìgbọ́ràn tó ti lọ. Ti ìkejì kì í bá ọmọ dàgbà lọ síbì kan.

Ìgbọ́ràn yẹn ló kù. Ẹ bèèrè fún ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí olùkọ́ bá ń sọ pé Ayọ̀ kì í fọkàn sí iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá nínú kíláàsì tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Kí ẹ tó rí dókítà, ẹ lọ bá olùkọ́ náà lọ́la. Kó gbé e sí ìjókòó iwájú, kó sì jẹ́ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri apá ọ̀tún ni, kí etí òsì, èyí tó dá, lè dojú kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí èyí tó lu sì kọjú sí ògiri.